Máàkì àròkọ aláríyànjiyàn: kí ló dé tí gbogbo ọmọ fi ń rọ́ sójú kan?

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ìtòsí Àjàṣẹ́-Ìpo. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo fún wọn ní àròkọ aláríyànjiyàn: "Ó yẹ kí ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní ìgboro Ìlọrin." Ọmọ 43 ló kọ ọ́. Mi ò fẹ́ máa fojú díwọ̀n máàkì mọ́, ni mo bá ya àtẹ ìmáàkì, èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní rúbíríìkì. Ìlà márùn-ún ló ní: ìfáàrà, kókó ọ̀rọ̀, ètò, èdè, ìparí. Máàkì 20 ni mo fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìpele márùn-ún ni ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní: kò dára, ó dára díẹ̀, ó dára, ó dára gan-an, ó dára jù lọ.

Nígbà tí mo máàkì tán, ọmọ 31 nínú 43 ló wà láàárín 56 sí 68. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọmọ méjì kan. Ọmọbìnrin kan kọ Yorùbá tó mọ́ tónítóní, àmì ohùn pé, àmọ́ kò sọ nǹkan kan tó lè yí èèyàn lọ́kàn padà. Ó gba 68. Ọmọkùnrin kan ò fi àmì kankan sórí ọ̀rọ̀, ìwé rẹ̀ rí játijàti, àmọ́ nígbà tí mo kà á tán, mo mọ̀ pé ọmọ yìí ń jiyàn lóòótọ́. 56 ni tirẹ̀. Mo tún máàkì wọn, máàkì náà ò yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣì í lò ni àbí àtẹ náà ló ní àbùkù?

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

Àǹtí, àtẹ yẹn ló ní àbùkù, ọwọ́ yín mọ́. Ẹ wo ohun tí ẹ ń sanwó fún níbẹ̀. Ìfáàrà 20, ìparí 20. Ìyẹn ni pé 40 nínú 100 wà fún ẹnu ọ̀nà àbáwọlé àti àbájáde, nígbà tí gbogbo àríyànjiyàn fúnra rẹ̀ há sínú 20, ní ìlà tí ẹ pè ní kókó ọ̀rọ̀. Kò sì sí ibì kankan tí ẹ ti bi ọmọ léèrè pé kí ni ẹni tí kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ ń sọ. Tí a bá yọ orí ọ̀rọ̀ kúrò lókè àtẹ yín, ẹ lè fi máàkì àròkọ alápèjúwe tàbí oníròyìn, kò ní ṣàfihàn ìyàtọ̀ kankan. Bí a ṣe ń mọ̀ pé àtẹ kì í ṣe ti àríyànjiyàn nìyẹn.

Ìkejì, "ó dára" àti "ó dára gan-an" kì í ṣe àpèjúwe. Ìmọ̀lára tíṣà ni. Kí ni tíṣà yóò rí lójú ìwé tí yóò fi mọ̀ pé "dára" ti di "dára gan-an"? Nígbà tí kò bá rí nǹkan tó lè nawọ́ sí, àárín ni yóò máa bọ́ sí, pàápàá tí ìpele bá jẹ́ márùn-ún tó sì ní àárín gedegbe. Ìpele kọ̀ọ̀kan nínú àtẹ yín tó máàkì 4, nítorí náà láàárín 56 sí 68, máàkì mẹ́rin péré ló wà: 56, 60, 64, 68. Ọmọ 31 ló ń pín máàkì mẹ́rin.

Ìkẹta, ẹ ò ní òdo. Ọmọ tó bá kọ "Ẹ kú àsìkò yìí, ẹ̀yin adájọ́" tó wá jókòó yóò gba ìpele kìíní ní ìlà márààrún, ìyẹn 20 nínú 100 lórí ìkíni nìkan.

Ọmọ Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ó le jù. Èmi ti borí ìṣòro yìí láti ọdún méjì sẹ́yìn. Kíkà ni mò ń kà. Ìdí kan, ìpele 1. Ìdí méjì, ìpele 2. Ìdí mẹ́rin sókè, ìpele 4. Kò sí pé "mo rò ó" tàbí "mi ò rò ó". Èmi àti tíṣà tó wà ní kíláàsì kejì lè máàkì ìwé kan náà kí máàkì wa má fi ju ẹyọ kan lọ.

Ìyá Sùlìyá

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, èmi kì í ṣe tíṣà, òbí ni mí, ní Gáà Akanbí. Ọmọ mi obìnrin lọ síbi ìdíje àríyànjiyàn ní ìparí tááàmù, wọ́n ní ó pàdánù nítorí pé ó kọjá àkókò. Ṣé nínú àtẹ tí ẹ ń sọ yìí, wọ́n ń yọ máàkì tí ọmọ bá kọjá àkókò? Àti pé ṣé ó yẹ kí ọmọ rí àtẹ náà kó tó lọ, àbí àṣírí adájọ́ ni?

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

Ìyá Sùlìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ti ẹnu ni ti ìdíje, ti ìwé nìyí. Kò sí alábòójútó àkókò nínú àròkọ, bí àwọn ọmọ tilẹ̀ ń kí i lójú ìwé. Ìbéèrè yín kejì ṣe kókó o. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí ọmọ rí i kó tó kọ̀wé. Mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà, ó sì wúlò. Nǹkan tí a lè kà tàbí tí a lè nawọ́ sí ló ń jẹ́ kí tíṣà méjì fẹnu kò. Ibi tó ti kù ni ohun tí ò ń kà. Fi ọ̀nà rẹ wo ìwé ọmọbìnrin tó gba 68 yẹn. Àǹtí, ẹ bá wa da ìpínrọ̀ kan kọ níbẹ̀.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ó rèé, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́: "Lọ́nà kejì, ọ̀kadà ń fa ìjàǹbá ojú pópó. Lọ́nà kẹta, ọ̀kadà ń mú kí olè jíjà pọ̀ sí i. Lọ́nà kẹrin, ọ̀kadà ń pariwo ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

Ẹ ṣé. Ọmọ Ọ̀fà, pẹ̀lú èyí tó ti kọ ṣáájú ìpínrọ̀ yìí, ìdí mẹ́rin nìyẹn. Ìpele tó ga jù lọ ni yóò wà lọ́dọ̀ rẹ, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ẹsẹ̀ tó fi dúró. Ìdí tí ẹ̀rí wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kí o máa kà, kí o sì wò ó bóyá ọmọ náà sọ bí ẹ̀rí yẹn ṣe ti ìdí náà lẹ́yìn. Bí èmi ṣe kọ ìlà ìdí àti ẹ̀rí nìyí:

4: Ìdí kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rí tí a lè tọ́ka sí (ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, iye, tàbí ẹni tó rí i), òǹkọ̀wé sì ṣàlàyé bí ẹ̀rí náà ṣe fi ìdí múlẹ̀.
3: Ẹ̀rí wà fún ọ̀pọ̀ ìdí, àmọ́ ó fi ìsopọ̀ sílẹ̀ fún òǹkàwé ní ibì kan, ó kéré tán.
2: Ìdí wà, àmọ́ ìhòòhò ni púpọ̀ nínú wọn, tàbí "gbogbo ayé ló mọ̀" ni ẹ̀rí wọn.
1: Èrò kan ṣoṣo ló ń fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tún sọ.
0: Kò sí ìdí kankan, tàbí ó ti kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ 2 sí 3. N kò sọ pé "ó dára ju ti ìsàlẹ̀ lọ". Ẹ̀rí ni a ń wá. Tí ẹ bá rí i, 3 ni. Tí ẹ ò bá rí i, 2 ni. Ìpele mẹ́rin pẹ̀lú òdo ni mo sì máa ń lò, kí ọwọ́ mi má baà rí àárín tí yóò sinmi lé.

Ti ìwọ̀n máàkì wá kù. Kì í ṣe gbogbo ìlà ló yẹ kó wúwo bákan náà. Èyí tí èmi ń lò báyìí: ipò tí ọmọ mú, 12. Ìdí àti ẹ̀rí, 36. Èsì sí alátakò, 20. Ètò, 16. Èdè àti àmì, 16. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 100. Ẹ ó rí i pé gbogbo nọ́ńbà yẹn ló ṣeé pín sí mẹ́rin. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Ìpele kan ní ipò tó 3, ní ẹ̀rí 9, ní èsì 5, ní ètò 4, ní èdè 4. Ẹ ò ní í máa fi 8.75 da ara yín láàmú ní òru. Ìfáàrà àti ìparí ò ní ìlà tiwọn mọ́. Ìfáàrà tó sọ ẹ̀gbẹ́ tí ọmọ wà kedere ti wọnú ipò, ìparí sì ti wọnú ètò.

Mọ̀lẹ́bí Wáẹ̀kì

Ẹ kú ìjókòó. Ó wù mí bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n èmi ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní SS3 ní Òmù-Àrán, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń bẹ níwájú àwọn ọmọ yìí. Nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti Wáẹ̀kì, àròkọ jẹ́ máàkì 50: kókó ọ̀rọ̀ 10, ètò 10, ìlò èdè 20, àìṣàṣìṣe 10. Nínú 10 tó kẹ́yìn yẹn, ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé tí àṣìṣe bá pé 20, òdo ni. Kókó ọ̀rọ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún péré. Tí ẹ bá fi 36 lé ẹ̀rí lórí ní SS2, tí èdè jẹ́ 16, ẹ ń kọ́ ọmọ láti máa sáré lórí pápá tí kì í ṣe ti ìdánwò. Ẹ lo ti Wáẹ̀kì tààrà, ẹ yéé da ara yín láàmú.

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

N kò ní bá ọ jà lórí nọ́ńbà, bó ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n àtẹ Wáẹ̀kì wà fún gbogbo irú àròkọ, lẹ́tà, ìtàn, àpèjúwe, kí ẹni tó ń máàkì lè fi ọ̀pá kan wọn gbogbo wọn. Wíwọ̀n ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí ọmọ SS2 bá gba 4 nínú 10 ní kókó ọ̀rọ̀, kí ni ó mọ̀ pé òun ó tún ṣe? Àtẹ tí a fi ń kọ́ni gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ibi tó ń ro ó. Ní SS3, láti tááàmù kejì lọ, èmi náà ń yí sí ti Wáẹ̀kì.

Mọ̀lẹ́bí Wáẹ̀kì

Tááàmù kejì ti pẹ́ jù lójú tèmi. Àṣà ọwọ́ ni àìṣàṣìṣe, kì í ṣe nǹkan tí a ń kọ́ ní oṣù méjì. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Mo ti dé o. Lánàá, lẹ́yìn tí iná dé, mo fi ìwọ̀n Bàbá Alfa tún máàkì ìwé ọmọ méjì yẹn.

Ọmọbìnrin: ipò ìpele 3, ó jẹ́ 9. Ẹ̀rí ìpele 2, ó jẹ́ 18. Èsì sí alátakò, òdo, nítorí kò mẹ́nu kan ẹnikẹ́ni tó ní èrò míì. Ètò 4, ó jẹ́ 16. Èdè 4, ó jẹ́ 16. Gbogbo rẹ̀ di 59.

Ọmọkùnrin: ipò 4, ó jẹ́ 12. Ẹ̀rí 3, ó jẹ́ 27, torí ó kọ nípa ọ̀kadà tó gbé èèyàn mẹ́ta àti àpò ìrẹsì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Ọjà Ọba, tó ṣubú lójú rẹ̀. Èsì 3, ó jẹ́ 15. Ètò 2, ó jẹ́ 8. Èdè 2, ó jẹ́ 8. Gbogbo rẹ̀ di 70.

68 ti di 59, 56 ti di 70. Mo jókòó, mo wo ìwé méjèèjì fún ìgbà pípẹ́. Máàkì yìí bá ohun tí mo ti mọ̀ láti ìgbà tí mo kọ́kọ́ kà wọ́n mu.

Àmọ́ èsì sí alátakò yẹn ò tíì dá mi lójú. Mo da ìpínrọ̀ ọmọkùnrin náà kọ síhìn-ín láìfi àmì kankan sí i, bí òun náà ṣe kọ ọ́:

"Awon kan n so pe okada nikan lo le tete gbe alaboyun de ile iwosan loru. Ooto ni, oun lo gbe iyawo egbon mi lodun to koja. Sugbon iyawo egbon mi so pe keke lo gbe oun ati omo pada sile losan ojo keji, ko si ju oun soke sodo bi ti okada."

Ọmọ Ọ̀fà

Háà, ọmọ yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ìpele 4 ni n ó fún un. Ó sọ ọ̀rọ̀ alátakò, ó gbà pé òótọ́ ni, ó sì dáhùn.

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kí ni ọ̀rọ̀ alátakò? Òru ni. Wọ́n ní lóru, kò sí ọkọ̀ míì tó tètè ń wá ju ọ̀kadà lọ. Kí ni ọmọ dá lóhùn? Ó ní kẹ̀kẹ́ gbé e padà ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó sì rọrùn. Ìrọ̀rùn ọ̀sán kò dáhùn ìṣòro òru. Ó jẹ́ olóòótọ́, ó gbà fún alátakò, ìyẹn ń wù mí gan-an, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọjá. Èmi á fún un ní 2. Máàkì rẹ̀ á di 65.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Èmi fún un ní 3, Ọmọ Ọ̀fà ní 4, ẹ̀yin ní 2. Èèyàn mẹ́ta, ìpele mẹ́ta, lórí gbólóhùn mẹ́ta. Ohun tí mo kọ sí ìpele 3 ni pé "ó sọ ọ̀rọ̀ alátakò, ó sì fi ìdí dáhùn." Ó dá mi lójú pé ó ṣe méjèèjì.

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

Ẹ rí i, ọ̀rọ̀ inú àpèjúwe ìpele ló fa á. Kò béèrè bóyá ìdáhùn náà kan kókó tí alátakò gbé kalẹ̀. Ẹ tún un kọ: "Ó sọ ọ̀rọ̀ alátakò bí alátakò fúnra rẹ̀ ṣe lè sọ ọ́, ó sì fi ìdí tó kan kókó yẹn gan-an dáhùn." Kí ìpele 2 jẹ́ pé ìdáhùn wà àmọ́ ó yẹ kókó náà sílẹ̀, tàbí pé èébú ni. Kí ìpele 4 fi kún un pé ó gba ibi tí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ alátakò, ipò tirẹ̀ ò sì mì. Gbogbo ìgbà tí tíṣà méjì bá fi ju ìpele kan lọ yàtọ̀ síra, ìwé àpèjúwe ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí wọ́n tó fura sí ara wọn. Ìwé márùn-ún sí mẹ́fà ti tó láti fi dán an wò kí ẹ tó bọ́ sórí 43.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ fún ọmọkùnrin yìí ní ìpele 2 ní ètò. Ṣé ètò rẹ̀ burú ni, àbí àìsí àmì ló jẹ́ kí ìwé náà ṣòro fún yín láti kà?

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ẹ mú mi. Mo padà lọ wò ó. Ìpínrọ̀ mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, àmọ́ kò sí ìparí. Èyí tó yẹ jẹ́ 3. Torí àìsí àmì ni mo ṣe yọ máàkì rẹ̀ níbi méjì.

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

Ẹ̀ṣẹ̀ kan, ìjìyà kan. Ohun tó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé n kì í máàkì ìwé kan láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màá kọ́kọ́ gba gbogbo kíláàsì kọjá lórí ipò, ẹ̀rí àti èsì, màá kó ìwé jọ padà, lẹ́yìn náà ni màá wá máàkì ètò àti èdè. Ó ń gba àkókò, mi ò ní purọ́. Fún ọmọ 43, ó lè fi wákàtí kan ààbọ̀ kún un.

Mọ̀lẹ́bí Wáẹ̀kì

Wákàtí kan ààbọ̀ fún kíláàsì kan, kíláàsì mẹ́rin ń bẹ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ò ṣeé ṣe fún èmi.

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ìwé mẹ́wàá péré ni kí o ṣe bẹ́ẹ̀ fún, kí o sì wo bóyá máàkì rẹ yàtọ̀. Tí kò bá yàtọ̀, máa bá tìrẹ lọ.

Ìyá Sùlìyá

Ẹ má gbàgbé èmi o. Ọmọ mi mú ìwé rẹ̀ dé láti ilé ìwé ní oṣù tó kọjá, 48, wọ́n kọ "Gbìyànjú sí i" síbẹ̀. Ọmọ náà sunkún. Èmi náà ò mọ ibi tí yóò ti gbìyànjú.

Tíṣà Àjàṣẹ́

Ìyá Sùlìyá, ẹ̀yin gan-an lẹ jẹ́ kí n pinnu ohun tí n ó ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, n ó kọ ìlà èsì sí alátakò tí a tún kọ yìí sójú pátákó, n ó ka ìpínrọ̀ aláboyún yẹn láìdárúkọ ẹni tó kọ ọ́, tí ọmọ náà bá gbà, n ó sì ní kí gbogbo kíláàsì fún un ní ìpele kí wọ́n sì sọ ìdí. Lẹ́yìn náà kí kálukú tún ìpínrọ̀ alátakò tirẹ̀ kọ. Ọmọbìnrin tó gba òdo yẹn, ibẹ̀ ni máàkì 20 rẹ̀ wà, èdè rẹ̀ ti tó.

Ìbéèrè mi kan ló kù. Àwọn ọmọ wa ń fi Ìgbómìnà kọ̀wé nígbà míì, ọ̀rọ̀ ilé á bọ́ sínú àròkọ. Ṣé àṣìṣe ni n ó kà á sí ní ìlà èdè?

Ọmọ Ọ̀fà

Èmi kì í yọ máàkì tó bá jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ọmọ ń fa ọ̀rọ̀ yọ látẹnu rẹ̀ ló ti jáde. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo ń béèrè.

Mọ̀lẹ́bí Wáẹ̀kì

Nínú ìdánwò kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ẹnu ta ni. Ẹ kọ́ wọn ní àjùmọ̀lò.

Bàbá Alfa Táńkẹ̀

Ohunkóhun tí ẹ bá yàn, ẹ kọ ọ́ sínú àpèjúwe ìpele kí àwọn ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Àǹtí, ẹ bá mi mú ohun tí kíláàsì sọ lórí aláboyún yẹn wá. Orí 2 ni èmi ṣì wà.